Ilé Ni Kí A Kà, Tàbí Ìdílé Tó Ń Sùn Nínú Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lórí Owó Ọdẹ

Bátìrì ínfátà méjì ni àwọn olè gbé lọ ní òpópónà wa, láàárín aago méjì sí aago mẹ́ta òru, nígbà tí ọdẹ tó yẹ kó máa rìn ká sùn lọ fọnfọn lórí àga lẹ́bàá géètì. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ọ̀rọ̀ náà fi tàn ká, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ Àìkú tí à ń ṣe ìpàdé, gbogbo ènìyàn ti pinnu nínú ara wọn pé ńṣe ni kí a lé Bàbá Ọdẹ, kí a wá ẹlòmíràn tó ní agbára. Apá Ìjọkò ni à ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Onílé àti ayálégbé ni ó jọ ń ṣe ìpàdé ní tiwa, mo sì jẹ́ ayálégbé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mí di akọ̀wé owó ní oṣù tó ṣáájú.

Nígbà tí Bàbá Alága ní kí n dìde, ìwé owó ni mo gbé dání. Mo kí àwọn bàbá wa àti àwọn ìyá wa, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, mo sì ní: "Kí a tó lé Bàbá Ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó wà nínú ìwé yìí sétí yín. Ọdẹ mẹ́ta ni a ní. Náírà 45,000 ni a ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ilé 19 péré ló san owó, ohun tó sì wọlé jẹ́ náírà 114,000. Owó oṣù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan jẹ́ náírà 135,000. Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba owó rẹ̀ pé. Bàbá tí ẹ fẹ́ lé yìí ń wa ọ̀kadà láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí pé gbèsè wà lọ́rùn wa tí a kò san fún un. Kò sí ẹni tó lè fi ojú kan náà ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án kó tún fi ṣọ́ òru."

Ibẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Èmi kò sọ pé oorun tó sùn tọ́, mi ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ láé, nítorí pé ẹni tí wọ́n jí bátìrì rẹ̀ wà níwájú mi, owó ńlá ló sì fi rà wọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá mú ọdẹ tuntun wá sórí ètò tí a ń lò, oṣù mẹ́ta kò ní kọjá kí òun náà tó máa sùn. Ọ̀nà tí a ń gbà pín owó náà ni oorun yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ètò tí mo bá nílẹ̀ rọrùn láti sọ: ilé kọ̀ọ̀kan á san náírà 6,000 lóṣù, bóyá ilé ńlá ni o, bóyá ilé kékeré ni. Ilé 40 ló wà ní òpópónà wa. Mẹ́ta nínú wọn kò tíì parí, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ó ku ilé 37. Ní orí ìwé, náírà 222,000 ló yẹ kó máa wọlé, ṣùgbọ́n oṣù tó dára jù lọ tí mo rí nínú ìwé jẹ́ oṣù tí ilé 24 san. Àwọn tó wà níwájú mi rò pé ahun ló ń ṣe àwọn tí kò san. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì kí ìpàdé tó dé, mo ń béèrè, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bínú sí nǹkan kan tí wọn kò rí àyè sọ.

Ẹ wo Ìyá Àgbà tó ń dá gbé nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Náírà 6,000 ni mama náà ń san, láti inú owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́. Ilé tó kọjú sí tirẹ̀ jẹ́ ilé fúláàtì mẹ́rin. Òun náà ń san náírà 6,000, èyí tó túmọ̀ sí náírà 1,500 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ tó ní yàrá mẹ́wàá, níbi tí ó ti yẹ kí ẹni tó wà nínú yàrá kan san náírà 600. Arúgbó tó ń dá gbé wá ń san ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí géńdé inú yàrá ń san, fún fèrè kan náà tí ọdẹ kan náà ń fọn.

Àwọn ará ilé oníyàrá náà sì ní ẹjọ́ tiwọn. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kì í ṣe náírà 600 ni àwọn ń san, pé náírà 1,000 ni ẹni tó ń gba owó ní ilé àwọn ń gbà lóṣooṣù. Yàrá mẹ́wàá lọ́nà 1,000 jẹ́ 10,000. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ 6,000. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì dárúkọ rẹ̀ níbi ìpàdé, ṣùgbọ́n mo sọ iye náà sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Nígbà tí owó bá gba ọwọ́ ẹni kan kọjá láìsí rìsíìtì, ẹni tó san án kò mọ̀ bóyá ó dé ibi tó ń lọ, ọjọ́ tó bá sì gbọ́ pé ọdẹ kò rí owó gbà, òun náà á dáwọ́ dúró.

Ohun tí mo dábàá ni pé kí a yé ka òrùlé, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpín. Yàrá kan nínú ilé oníyàrá jẹ́ ìpín kan. Fúláàtì kan jẹ́ ìpín méjì. Ilé tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé, tó ní ọgbà àti géètì tirẹ̀, jẹ́ ìpín mẹ́rin, àyàfi tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ń dá gbé ló wà níbẹ̀, a ó ka tirẹ̀ sí fúláàtì, ìpín méjì. Ìsọ̀ tí ọjà ń sùn sí jẹ́ ìpín kan. Ilé tí kò tíì parí jẹ́ ìpín méjì, tí ẹni tó ni ín yóò máa san, ibi yòówù kí ó máa gbé.

Èyí tó kẹ́yìn yìí fa ariwo. Bàbá kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́ béèrè pé kí ni ọdẹ ń ṣọ́ fún òun nígbà tí òun kò tíì kó wọlé. Mo dá a lóhùn pé irin àti sìmẹ́ńtì rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn olè máa ń ba sí kí òru tó jìn, nítorí pé kò sí ẹni tó máa béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ilé tí kò ní ènìyàn ló ń fún ọdẹ ní iṣẹ́ jù. Ó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rojú díẹ̀.

Ẹ̀sùn tó le jù wá láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń gbé yàrá. Ó ní ẹni tó ní ilé alájà méjì àti ọkọ̀ mẹ́ta yóò san ìpín mẹ́rin, òun tí kò ní ju bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n yóò san ìpín kan, ṣé ohun ìní onílé náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin péré ti òun? Òótọ́ ni ó sọ, mo sì ti rò ó kí n tó wá. Bí a bá fẹ́ fi ohun ìní wọn ìpín, a ní láti wọlé onílé lọ ka ẹrù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbà. Ìdí tí mo fi yan yàrá, fúláàtì àti ilé ni pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú pópó lè kà wọ́n, kò sí ẹni tó lè purọ́ lé wọn lórí, akọ̀wé owó kò sì lè fi ojúsàájú ṣe é. Mo tún sọ fún un pé ohun tí ọdẹ ń ṣọ́ ju ẹrù lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo Èkó àti Ògùn jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà, tí ìròyìn sì gba gbogbo apá wa yìí títí dé Alágbàdo àti Ìyánà-Ìpájà pé àwọn ọmọ ìta ń bọ̀ wá jà wá lólè, àwọn ọkùnrin tó ń gbé yàrá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó ti iná táyà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀rù tó bà wọ́n lọ́jọ́ náà kò kéré sí ti onílé alájà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe ìṣirò náà lójú gbogbo wọn, lórí pátákó dúdú kékeré tí mo gbé wá láti ilé ẹ̀kọ́. Ilé oníyàrá mẹ́fà ló wà, yàrá mẹ́wàá mẹ́wàá: ìpín 60. Ilé fúláàtì jẹ́ 15, fúláàtì mẹ́rin mẹ́rin: fúláàtì 60, ìpín 120. Ilé onídìílé kan jẹ́ 16. Àgbàlagbà tó ń dá gbé wà nínú mẹ́rin lára wọn, nítorí náà 12 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 48, mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ 8, ìpín 56. Ìsọ̀ mẹ́jọ jẹ́ ìpín 8. Ilé mẹ́ta tí kò tíì parí jẹ́ ìpín 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpín 250.

Mo tún wá sọ ohun tí iṣẹ́ náà ń ná wa ní tòótọ́. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé aago márùn-ún ìdájí ni òru tiwa. Géètì méjì ni a ní. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti wà ní ìdí géètì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kẹta sì ní láti máa rìn. Ọdẹ mẹ́ta tí a ní kò ní ìsinmi kankan láàárín ọdún, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń fa oorun. Bí a bá gba ẹnì kẹrin, ẹni mẹ́ta yóò máa ṣiṣẹ́ lóru kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á sinmi, ìsinmi á sì máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òru kan nínú mẹ́rin. Owó oṣù tí mo dábàá ni náírà 70,000, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ. Òfin náà kò mú ẹni tó gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí Bàbá Ọdẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀, mi ò rí bí a ṣe lè sọ ohun tó kéré sí i. Mẹ́rin lọ́nà 70,000 jẹ́ 280,000. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti ẹ̀wù òjò gba 12,000. A ó tún máa fi náírà 7,000 pamọ́ fún ọdẹ kọ̀ọ̀kan lóṣù, 28,000 fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti fi tọ́jú wọn bí àìsàn bá dé, èyí tó bá sì kù ní ìparí ọdún di tiwọn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 320,000.

Ẹni tó bá pín 320,000 sí ọ̀nà 250 yóò rí náírà 1,280. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò ti ń ṣìnà. Wọ́n á pín in bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ló máa san, nígbà tí àwọn kan kò bá sì san, ọdẹ ló ń ru àdánù náà. Ìwé owó wa fi hàn pé kò tíì sí oṣù tí gbogbo ilé san. Mo ní kí a fi ọkàn sí i pé ìpín mẹ́rin ni yóò wọlé nínú márùn-ún, ìyẹn 200, kí a sì pín 320,000 sí ọ̀nà 200. Ó di náírà 1,600 fún ìpín kan. Yàrá yóò san 1,600, fúláàtì 3,200, ilé onídìílé kan 6,400. Ìyá Àgbà yóò san 3,200 dípò 6,000.

Bàbá Alága fúnra rẹ̀ ló rí àbùkù tó wà níbẹ̀. Ó ní: "Ọmọ mi, ṣé kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ń san ń bá ẹni tí kò san sanwó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè fi pamọ́. Ìyàtọ̀ 320 náírà tó wà láàárín 1,280 àti 1,600 jẹ́ ẹrù àwọn tí kò san lórí àwọn tó san. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí ó má di owó tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe nǹkan mìíràn. Gbogbo ohun tó bá wọlé lékè 320,000 yóò lọ sínú owó ìpamọ́, títí yóò fi tó owó oṣù mẹ́ta fún àwọn ọdẹ. Nígbà tó bá pé, a ó dín owó ìpín kù. Àwọn tó ń san yóò wá rí i pé bí aládùúgbò àwọn bá san, owó tiwọn ló ń dín kù, bóyá wọ́n á sì lè fúnra wọn bá a sọ̀rọ̀ ju bí èmi ṣe lè ṣe é lọ. Ẹnì kan dábàá pé kí a máa ti géètì mọ́ ẹni tó jẹ gbèsè. Mo kọ̀ ọ́ gidigidi. Bí ìyá ọmọ bá ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru, ta ni yóò máa wo ìwé owó kó tó ṣí géètì?

Owó náà yóò máa lọ tààrà sínú àkáǹtì ẹgbẹ́, ayálégbé kọ̀ọ̀kan á sì máa gba rìsíìtì ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló lè fọwọ́ sí i, kò sì sí owó tó lè jáde láìsí ọwọ́ ẹni méjì nínú wọn, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ayálégbé. Owó oṣù tó ń bọ̀ ni a ó máa san kí oṣù tó wọlé, kì í ṣe ti oṣù tó ti kọjá, kí owó ọdẹ lè wà nílẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n wá béèrè ohun tó tọ́ kí wọ́n béèrè: bí a bá san 70,000 tán, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé wọn kò sùn? Tẹ́lẹ̀, ìwé kan wà ní ibi mẹ́rin ní òpópónà tí ọdẹ ń fọwọ́ sí ní wákàtí wákàtí. Mo ti wo àwọn ìwé náà. Ní alẹ́ kan, ìlà méje tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, àkókò wọn sì pé géérégé: aago 11:00, 12:00, 1:00. Ẹni tó ń rìn kì í dé ibì kan ní géérégé bẹ́ẹ̀. Á dé ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méje, òmíràn á kọjá ìṣẹ́jú ogún. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí a gbà láti máa ṣe báyìí ni pé ilé mẹ́rin tó wà níbi mẹ́rin náà ní páálí kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí. Onílé tó bá jí láti tọ̀ tàbí láti gbàdúrà ní òru á ju páálí kan sínú àpótí tó wà lára géètì rẹ̀, ní àkókò tó bá wù ú, á sì kọ àkókò náà sílẹ̀. Ọdẹ tó ń rìn á mú páálí náà, á kọ àkókò tó mú un, á sì kó gbogbo rẹ̀ fún mi ní àárọ̀. Nítorí pé kò mọ ìgbà tí páálí máa bọ́ sínú àpótí, kò sí bó ṣe lè mú un láìrìn. Bí páálí bá pẹ́ ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ nínú àpótí, a ó béèrè ìdí.

Lórí ohun ìjà, mi ò sọ púpọ̀. A kò ní fi ìbọn lé ọdẹ wa lọ́wọ́, nítorí pé òfin béèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn, títí kan ṣakabùlà. Fèrè, tọ́ọ̀ṣì àti nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá ni tiwọn. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní onídùúró méjì, orúkọ àti fọ́tò wọn sì ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọn kò gbọ́dọ̀ nà án. Ọlọ́pàá ni wọ́n á fà á lé lọ́wọ́. Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ èyí, pàápàá ẹni tí wọ́n jí bátìrì rẹ̀, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kú sí ọwọ́ ọdẹ wa, orúkọ gbogbo wa ló máa wà lórí ẹjọ́ náà, bóyá aláìṣẹ̀ ló sì kú.

Wọ́n dìbò. Àwọn tó pọ̀ jù gbà á, onílé fúláàtì méjì sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé àwọn kò ní san ju 6,000 àtijọ́ lọ. A kò bá wọn jà. Ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé wọn ni mo lọ, fúláàtì kan lẹ́yìn èkejì, àwọn márùn-ún nínú mẹ́jọ ló sì san 3,200 fúnra wọn. Bàbá Ọdẹ gba gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọ̀kadà fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ó ṣì wà ní ìdí géètì.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ìpín 206 ló wọlé, náírà 329,600. A ná 320,000, náírà 9,600 sì kù fún ìpamọ́. Ìwé rẹ̀ wà lára géètì méjèèjì kí gbogbo ènìyàn kà á. Ohun kan ṣoṣo tí a kò tíì rí ìpinnu sí ni ọ̀rọ̀ bàbá tó ń gẹrun. Ó ní òun ń kó ẹ̀rọ ìgẹrun àti jẹnẹrétọ̀ òun lọ sílé ní aago mẹ́jọ alẹ́, pé àga àti dígí nìkan ló ń sùn ní ìsọ̀, àti pé òun sì ti ń san ìpín yàrá tí òun ń gbé ní òpópónà kan náà. Mo rò pé ó jàre. Ìyá aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ rò pé bí a bá yọ ọ́, gbogbo oníṣọ̀ọ́bù ló máa sọ pé àwọn ń kó ọjà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà ló máa ṣáájú ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, mo sì ti ní kí bàbá náà wá sọ tẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀.